Ìṣẹ́jú mélòó ni odindi adìẹ ń lò nínú ààrò? Bí ìwúwo rẹ̀ ṣe ń yí ìṣirò padà

Ẹni tó bá ní ààrò gáàsì nílé á ti gbọ́ ọ rí pé kílò kan, wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jìnnà sí òótọ́ fún adìẹ tó wúwo tó kílò kan gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó fún èyí tó kéré sí i, ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà lára egungun rẹ̀. Bí ẹ bá sì lò ó fún èyí tó tóbi dáadáa, àyà rẹ̀ á gbẹ bíi pákó.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí. Ọdún kan, nígbà tí àwọn èèyàn ń wọ Dásà fún ìrìnàjò sí ihò Màríà ní Àrígbó, àlejò kún ilé wa. Mo mọ̀ pé adìẹ òyìnbó kílò 2 máa ń lo wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 50 nínú ààrò wa. Lọ́jọ́ náà, adìẹ ìbílẹ̀ kékeré ni a rí rà, gíráàmù 800 lẹ́yìn tí a ti fọ inú rẹ̀ tán. Mo fi rẹ́gúlì-dè-tùà tí gbogbo wa kọ́ nílé ìwé ṣe é: ìṣẹ́jú 110 fún kílò 2, ó jẹ́ 55 fún kílò 1, ó jẹ́ 44 fún gíráàmù 800. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ gún itan rẹ̀, omi pupa ló jáde. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà! Àwọn àlejò ti fọ ọwọ́ tán, a tún dá a padà sínú ààrò.

Ìṣirò tí àwọn tó ń se adìẹ nínú ààrò máa ń lò rèé, nígbà tí ààrò bá wà ní dígírì 180 sí 190: ìṣẹ́jú 45 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú 20 kún àpapọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 yìí kì í yí padà, bóyá adìẹ kéré, bóyá ó tóbi. Ẹ jẹ́ ká padà sí adìẹ tèmi: 0,8 lọ́nà 45 jẹ́ 36, ẹ fi 20 kún un, ó di ìṣẹ́jú 56. Ṣé ẹ rí i? Ìṣẹ́jú 12 ni mo fi jìn ín lẹ́sẹ̀. Fún adìẹ kílò 1,6, tó wúwo ní ìlọ́po méjì rẹ̀, 72 àti 20 ni, ó di ìṣẹ́jú 92. Ìwúwo di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n àsìkò kò di ìlọ́po méjì. Ó kàn fi díẹ̀ ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lọ ni.

Kí ló fà á? Ooru kì í ti inú adìẹ jáde, ìta ló ti ń wọlé. Ohun tó ń pinnu àsìkò ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti awọ dé ibi tí ẹran ti nípọn jù lọ. Ẹ ronú nípa òkèlè iyán méjì tí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ẹ bá tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé èyí tó tóbi kò nípọn ju ìlọ́po méjì lọ, torí ó gbòòrò, ó ga, ó sì fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìnípọn ìlọ́po méjì yẹn ló ń sọ àsìkò di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú 20 tí a ń fi kún un wulẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n láti sún mọ́ òtítọ́ yìí, kí èèyàn má bàa ṣe ìṣirò tó le nídìí ààrò. Ó dára gan-an láàárín gíráàmù 800 sí kílò 2. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń sọ àsọjù díẹ̀: fún kílò 3 ó máa ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 35, ṣùgbọ́n ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti wákàtí 2 àti ìdámẹ́rin.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni ti adìẹ méjì nínú ààrò kan. Ẹ má ro ìwúwo wọn pọ̀! Ooru ń wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ kílò 2 tí èkejì sì jẹ́ kílò 1,2, èkínní fẹ́ ìṣẹ́jú 110, èkejì fẹ́ 74. Ẹ gbé èyí tó tóbi wọlé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 36 kí ẹ gbé kékeré tì í, wọ́n á jinná pọ̀. Ẹ kàn fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn.

Ìwúwo tí à ń wí ni ti adìẹ tó ti ṣetán láti wọ ààrò, kì í ṣe èyí tí ẹ rà láàyè lọ́jà. Lẹ́yìn ìyẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ló máa ń kù. Bí ẹ bá ki àlùbọ́sà tàbí ìrẹsì sínú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Adìẹ tó ti dì ní yìnyín gbọ́dọ̀ yọ́ tán kí ìṣirò yìí tó wúlò. Bí kò bá sí iná fún fíríìjì, ẹ fi í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ààbọ̀ wákàtí sí ààbọ̀ wákàtí. Èyí tó tó kílò 1,5 máa gbà tó wákàtí 3.

Lórí ààrò ilẹ̀ Faransé, ẹ fi 30 lọ́nà nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì rẹ̀: 6 jẹ́ dígírì 180. Bí ààrò yín bá ní nọ́ńbà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó ń gba Nàìjíríà wọlé, 4 ló jẹ́ 180, torí náà ẹ ṣọ́ra. Ooru ààrò búrẹ́dì alámọ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀ ní tirẹ̀, kò sí ìṣirò tó lè mú un, àfi kí èèyàn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun mìíràn ni pé ìṣirò yìí ń sọ ìgbà tí ooru dé egungun, kò sọ ìgbà tí ẹran rọ̀. Àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin fún ọdún méjì lè jinná ní àsìkò rẹ̀, kó sì tún le bíi rọ́bà. Irú èyí, ẹ bọ̀ ọ́ lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe. Nígbà tó bá ti rọ̀, ìṣẹ́jú 20 sí 25 nínú ààrò ti tó láti jẹ́ kí awọ rẹ̀ pọ́n.

Ẹ gún itan níbi tó ti nípọn jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́, kó má pupa. Bí ẹ bá ní tẹmómẹ́tà ẹran, ẹ kì í bọ ibẹ̀ láìjẹ́ kó kan egungun: dígírì 74 ni à ń wá, ibẹ̀ ni kòkòrò tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń kú. Ara egungun adìẹ òyìnbó tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí máa ń pọ́n díẹ̀ nígbà mìíràn bó tilẹ̀ ti jinná, tẹmómẹ́tà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí kò bá tíì tó, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún wò ó. Nígbà tó bá jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó gé e, kí omi ara rẹ̀ má bàa ṣàn dànù sórí àwo.