Firídọ́ọ̀mù: Bí Ọmọṣẹ́ Ṣe Ń Di Àgbà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáikò

Ní ọdún 1909, Arnold van Gennep ṣàlàyé pé ìlànà tó ń mú ènìyàn ti ipò kan bọ́ sí òmíràn ní ìpele mẹ́ta: a ó yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, yóò dúró ní agbedeméjì fún ìgbà kan, a ó sì wá gbà á sí ipò tuntun. Ojúbọ Ifá ni ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń gbà lọ tí wọ́n bá ń wá irú ìlànà yìí nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà Èkó sí Badagry, níbi tí Àwórì, Ògù, Ìgbò àti Yorùbá láti ìlú gbogbo ti ń gbé pọ̀, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí.

Ọjọ́ tí òbí àti onídùúró bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ni ìyọkúrò bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọṣẹ́ ni ẹni tó wọlé, ì báà ti lé ní ogún ọdún. Yóò gbá ilẹ̀, yóò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, yóò lọ aṣọ, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ó máa ń pẹ́ kí ọ̀gá tó jẹ́ kó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà, nítorí aṣọ tí wọ́n bá gé bàjẹ́ kò ṣeé rán padà. Síbẹ̀, mímọ aṣọ gé nìkan kò sọ ọmọṣẹ́ di ọ̀gá.

Ó di ọjọ́ firídọ́ọ̀mù. Àwọn ẹgbẹ́ aránṣọ á jókòó, ẹbí á wọ aṣọ àǹkárá kan náà, ọmọṣẹ́ á sì kúnlẹ̀. Ọ̀gá á fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare ṣàdúrà fún un, á kó sísọ́ọ̀sì àti téèpù lé e lọ́wọ́, á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ojú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ló fún ìwé náà lágbára: ìwé yẹn ló ń fi hàn pé òun náà lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, kó sì gba ọmọṣẹ́.

Owó ló sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Ẹlòmíràn á mọ iṣẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò ní rí owó ohun mímu, oúnjẹ àti owó ẹgbẹ́. Á máa rán aṣọ fún ọ̀gá lọ, kò sí ní ìkẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kò sì tíì dòmìnira. Nínú ọjà Alábà tó wà ní Ọ̀jọ́ kan náà, ọ̀nà òdìkejì ni àwọn oníṣòwò Ìgbò gbà: ọ̀gá ló ń fún ọmọ tó sìn ín láwọn ọdún àdéhùn ní owó ìdókòwò. Mo gbà pé ìyàtọ̀ yìí wúwo, nítorí ó ń sọ ẹni tí ẹrù ìdàgbà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọdún ìbí ló ń pinnu régbérégbé tí ènìyàn wà. Láàárín àwọn aránṣọ ojú ọ̀nà Badagry, iye ọmọṣẹ́ tí ènìyàn ti dá sílẹ̀ ló ń sọ ọ́ di Bàbá tàbí Ìyá Ẹgbẹ́, tó ń jókòó sídìí tábìlì, tó sì ń ṣàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ. Aránṣọ tí ewú ti bo orí rẹ̀, tí kò dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gbé ataare fún un.