Réṣíò Méjì àti Ọjọ́ Àwìn: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Iléeṣẹ́ Kékeré Lè San Gbèsè Rẹ̀

Iléeṣẹ́ lè jèrè lórí ìwé kí ó má sì rí owó oṣù san. Inú ìwé ohun ìní àti gbèsè ni a ti ń wá ìdí rẹ̀, ìṣirò mẹ́ta ni àwọn oníṣirò owó sì máa ń kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Fún kọ́rẹ́ǹtì réṣíò, wọn a ro gbogbo ohun ìní tó yẹ kó di owó láàárín oṣù méjìlá pọ̀, wọn a wá fi gbèsè tó yẹ ní sísan láàárín oṣù méjìlá kan náà pín in. Kuíkì réṣíò kò ka ọjà tí a kò tíì tà mọ́ ọn, torí ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò rà á. Ọjọ́ àwìn ní tirẹ̀ ń sọ iye ọjọ́ tí owó ọjà tí a tà láwìn fi ń wà níta kó tó wọlé.

Wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé 2 ló dára fún réṣíò àkọ́kọ́, 1 fún èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo òwò. Tesco, ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Bìrìtéènì, ti ń gbé pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì réṣíò tí kò tó 1 fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé lójú ẹsẹ̀ ni oníbàárà ń sanwó, nígbà tí àwọn tó kó ọjà wá ń dúró kí wọ́n tó gba tiwọn. Iléeṣẹ́ tó ń tà láwìn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, nítorí 2 lè tanni jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń tẹ ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé ní Ṣómólú, àdúgbò tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí l'Ékòó. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, mílíọ̀nù 1.2 náírà ló ní ní báńkì, mílíọ̀nù 10.8 wà níta lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ọjà inú sítọ́ọ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24. Òun náà jẹ onípépà ní mílíọ̀nù 7, ó jẹ báńkì mìíràn tó ń jẹ́ kó fa owó kọjá ohun tó ní ní mílíọ̀nù 3.5, owó orí sì jẹ́ mílíọ̀nù 1.5. Gbèsè náà jẹ́ mílíọ̀nù 12. Kọ́rẹ́ǹtì réṣíò jẹ́ 2.0, kuíkì réṣíò jẹ́ 1.0. Lọ́dún tó ṣáájú, 1.6 àti 0.9 ni wọ́n.

Ẹni tó bá wo réṣíò méjèèjì nìkan á ní iléeṣẹ́ náà ń gbérí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú yẹn, mílíọ̀nù 4 ló ní ní báńkì, kò jẹ báńkì kankan ní kọ́bọ̀, owó rẹ̀ tó wà níta kò sì ju mílíọ̀nù 5 lọ. Àwọn tí kò sanwó ló gbé réṣíò sókè! Owó tí oníbàárà jẹ ṣì jẹ́ ohun ìní nínú ìwé, ìṣirò náà kò sì bèèrè ọjọ́ tó máa wọlé. Àwìn àná àti àwìn oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, iye kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ṣe ń lọ́ra gba owó tó, bẹ́ẹ̀ ni réṣíò náà lè máa dára sí i tó.

Ọjọ́ àwìn ló ń tú àṣírí yìí, bí a bá ṣe é dáadáa. Ìṣirò aláìnísùúrù ni kí a fi gbogbo ọjà tí iléeṣẹ́ náà tà lọ́dún, mílíọ̀nù 54, pín 10.8, kí a sì fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀. Ọjọ́ 73 ló máa fún wa. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Mílíọ̀nù 18 nínú ọjà yẹn, owó ọwọ́ ni wọ́n fi rà á, kò sì lè bí gbèsè; mílíọ̀nù 36 péré ni wọ́n tà láwìn. Èkejì, àlàyé ẹ̀yìn ìwé fi hàn pé mílíọ̀nù 1.8 nínú 10.8 jẹ́ owó tí oníléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ yá nínú àpò iléeṣẹ́. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ nínú iléeṣẹ́ kékeré, ó sì ṣòro láti rí òṣìṣẹ́ tó máa sìn ín ní gbèsè náà. Bí a bá yọ ọ́, ó ku mílíọ̀nù 9 lórí mílíọ̀nù 36, ìyẹn ọjọ́ 91. Lọ́dún tó ṣáájú, ọjọ́ 57 ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni àdéhùn tí wọ́n kọ sórí ìwé owó.

Owó orí ọjà náà tún lè da ìṣirò rú. Gbèsè oníbàárà máa ń ní in nínú, iye ọjà tí a kọ sínú ìwé èrè kì í ní in. Ní Nàìjíríà, níbi tó ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Ní Bìrìtéènì tó ti jẹ́ ogún, ọjọ́ 60 orí ìwé lè jẹ́ 50 ní tòótọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, a ti yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó kàn ni kí a béèrè orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè àti ọjọ́ orí gbèsè kọ̀ọ̀kan. Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020 gba iléeṣẹ́ kékeré láàyè láti má lo ọ́dítọ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ àkọsílẹ̀ náà wò. Ní Ṣómólú, iléèwé aládàáni kan ló jẹ mílíọ̀nù 2.4 nínú mílíọ̀nù 9, láti ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, iléèwé náà sì ti kógbá sílé. Bí a bá wọ sítọ́ọ̀, a ó rí ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n tẹ bájì iléèwé yẹn sí lẹ́yìn, àdìpọ̀ lórí àdìpọ̀, tí eruku ti bò. Mílíọ̀nù 3 ni wọ́n kọ fún un nínú ìwé. Iléèwé mìíràn kò ní rà á. Ẹlẹ́pà lè rà á láti fi di ẹ̀pà, ní iye tí kò tó nǹkan. Bí a bá yọ gbèsè oníléeṣẹ́, gbèsè iléèwé yẹn àti ọjà yìí, kọ́rẹ́ǹtì réṣíò já wálẹ̀ sí 1.4, kuíkì réṣíò sí 0.65.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ìwé náà tún ṣe pàtàkì. Ìgbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé ni ọjà atẹ̀wé ń tà jù. Bí wọ́n bá ti ìwé ní òpin oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ àwìn á ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pẹ́ san, torí náà ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún ni kí a fi wé ara wọn. Àwọn mìíràn a sì máa tún ojú ìwé ṣe. Ká ní iléeṣẹ́ wa san mílíọ̀nù 1 fún onípépà ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, 24 lórí 12 á di 23 lórí 11, kọ́rẹ́ǹtì réṣíò á sì gun 2.09, nígbà tó jẹ́ pé 200,000 náírà ló kù ní báńkì. Ìwé báńkì oṣù Kejìlá àti ti oṣù Kìn-ín-ní ló ń jẹ́ kí irú èyí hàn.

Réṣíò kì í sọ ibi tí báńkì máa dá owó dúró sí. Ká ní mílíọ̀nù 4 ni òpin ohun tí báńkì gbà pé iléeṣẹ́ náà lè fà, 500,000 péré ló kù. Bí a bá rò ó mọ́ mílíọ̀nù 1.2 tó wà nílẹ̀, ó di 1.7. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, tí àwìn bá ń wọlé bó ṣe ń wọlé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2 ló máa bọ́ sọ́wọ́ nínú 6.6 tó ṣeé gbà. Ọjà owó ọwọ́ máa ń mú nǹkan bíi 1.5 wá lóṣù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5.4, onípépà sì ń retí mílíọ̀nù 7 rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, kí a tó kan owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́.