Àìní Fọ́múlà Kì í Ṣe Àìní Iye: Íńtígírà e^(−x²)

Akẹgbẹ́ mi kan kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé íńtígírà e^(−x²), tí ìlà alágogo inú sítátísíìkì dúró lé lórí, kò ṣeé yanjú, pé àfojúdá lásán ni iye inú tábìlì rẹ̀, kò sì rí bíi ti ln x tí ó ní fọ́múlà. N kò fara mọ́ ọn. Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí íńtígírà jẹ́. Òǹkàwé wa mọ̀ ọ́n.

Ohun tí Joseph Liouville fi hàn ní àwọn ọdún 1830 ni kí a kọ́kọ́ wò dáadáa. Ó ní bí íńtígírà yìí bá ní fọ́múlà tí a fi àwọn fáńṣọ̀n ìpìlẹ̀ kọ, fọ́múlà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ R(x)e^(−x²), tí R jẹ́ pọ́línómíà kan tí a fi òmíràn pín. Bí a bá difaréńṣíéètì rẹ̀, ó di dandan kí R′ − 2xR = 1. Ká ní ìsàlẹ̀ R di òdo níbì kan, R yóò fò lọ sókè níbẹ̀, R′ yóò sì fò jù ú lọ, débi pé 2xR kò ní lè pa á rẹ́. Nítorí náà, R kò ní ìsàlẹ̀ kankan, pọ́línómíà gidi ni. Ṣùgbọ́n 2xR fi ìpele kan ga ju R lọ, R′ sì rẹlẹ̀ ju R. Àpapọ̀ wọn kò lè jẹ́ 1 láé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí náà parí sí. Ọ̀rọ̀ nípa fọ́múlà ni; kò kan iye rárá.

Iye ń bẹ. Láti 0 dé 1, ẹ ṣí e^(−x²) sí ọ̀wọ́, kí ẹ íńtígíréètì ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 1 − 1/3 + 1/10 − 1/42 + 1/216 − 1/1320 + 1/9360. Ó jẹ́ 0.746836. Àṣìṣe rẹ̀ kò lè ju ẹyọ tó kàn lọ, 1/75600. Iye gan-an ni 0.746824. Kí ni ln 2 fi sàn jù? Àyè abẹ́ 1/x láti 1 dé 2 ni òun náà, irú ìṣirò yìí kan náà ni a sì fi ń rí 0.6931 rẹ̀. Orúkọ ló ti ní tipẹ́; èyí náà ti ní tirẹ̀, erf.

Bí a bá sì gbà á láti òpin òsì dé òpin ọ̀tún, √π géérégé ni. Ẹ pè é ní I, kí ẹ sọ ọ́ di I², kí ẹ tò ó yíká bí òrùka: 2πr a wọlé, 2πr·e^(−r²) sì ní fọ́múlà, −πe^(−r²). Láti 0 lọ títí láé, π ló ń fún wa.

Mi ò ní sọ pé àríyànjiyàn ti tán. Síbẹ̀, ó jọ pé "yíyanjú" kò lè túmọ̀ sí ohun mìíràn ju kí a rí iye, kí a sì mọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ dé.

Lórí èyí ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́ wà. Nígbà tí a bá lọ láti 0 dé 5, ọ̀wọ́ òkè yìí ṣì tọ̀nà, àmọ́ ẹyọ tó tóbi jù nínú rẹ̀ ju 500,000,000 lọ, ìdáhùn kò sì tó 1. Kọ̀ǹpútà tí ń di díjíìtì 16 mú yóò pàdánù bíi 9 nínú ìyọkúrò náà. Ó sàn kí a ṣírò ìrù tó kù lẹ́yìn 5, nǹkan bíi e^(−25)/10, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú √π/2. Ibi tó yẹ kí a ti kúrò ní ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì ni mo ń wá.