Ta Ló Gé Bíbélì sí Orí àti Ẹsẹ?

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 21, kí ẹ lọ sí ẹsẹ 40 tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn èrò ti fẹ́ lu Pọ́ọ̀lù pa ní Jerúsálẹ́mù, àwọn ọmọ ogun Róòmù ló gbà á sílẹ̀. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó juwọ́ sí àwọn ènìyàn náà, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ó wá la ẹnu láti bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Hébérù. Kí ló sọ? Orí ti parí. Ohun tó sọ wà ní orí 22. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ìwé náà, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn orí 21 ni èyí tó dà bí "ó ní" lẹ́nu wa. Ẹni tó bá ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì dúró síbi tí orí parí, ti fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹnu yíyà.

Lúùkù kọ́ ló gé e bẹ́ẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn tó kọ ìwé Bíbélì tó fi nọ́ńbà orí tàbí ẹsẹ sí iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́ka sí ibì kan, ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń dárúkọ. Nínú Máàkù 12, nígbà tí Jésù ń bá àwọn Sadusí jiyàn lórí àjíǹde, ó tọ́ka sí ìwé Mósè níbi tí ìtàn igbó tó ń jó wà. Àwa lónìí ì bá sọ pé Ẹ́kísódù 3, ẹsẹ 6. Ẹni tó kọ ìwé Hébérù tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tó fẹ́ mú ọ̀rọ̀ jáde láti inú Sáàmù, ohun tó sọ kò ju pé ẹnì kan ti sọ ọ́ níbì kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ojú tí olùkọ́ yóò fi wo wa bí a bá kọ irú ìtọ́kasí bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa!

Nọ́ńbà orí tí a ń lò lónìí wá láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní òpin ọ̀rúndún kejìlá, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ti oríṣiríṣi ilẹ̀ Yúróòpù wá sí Párísì láti kọ́ nípa Bíbélì, tí oníkálukú sì ń gbé ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ dà kọ ní ìlú rẹ̀ dání. Àwọn ìwé wọ̀nyí ní ìpín tiwọn, ṣùgbọ́n ìpín náà kò bára mu. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n lọ sí ìpín kẹwàá, ibi tí ẹnì kan ṣí kọ́ ni ẹnì kejì yóò ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín rí, tí tiyín jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ tí tiwọn sì jẹ́ tuntun, ẹ mọ irú wàhálà tí à ń wí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ni Stephen Langton, ará Íńgíláńdì. Òun náà ló di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kántábẹ́rì ní 1207, tó sì wà lára àwọn tó kó ipa ńlá nínú ọ̀rọ̀ Májẹ̀mú Ńlá ti 1215, èyí tí Ọba John fi òǹtẹ̀ lù. Kó tó kúrò ní Párísì ni ó ti pín Bíbélì sí orí. Àwọn tó ń ṣe ìwé tà níbẹ̀ gba ìpín náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbé e padà sílé.

Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni orí. Ohun tí Langton ń wá ni ìpín tí kò gùn jù, tí kò kúrú jù, tí gbogbo kíláàsì lè jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ó gé e dáadáa. Ní àwọn ibòmíràn, ọ̀bẹ rẹ̀ bọ́ sí ara.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ pàápàá kò yè é. Ìtàn ìṣẹ̀dá nínú Jẹ́nẹ́sísì jẹ́ ti ọjọ́ méje: ọjọ́ mẹ́fà fún iṣẹ́, ọjọ́ keje fún ìsinmi. Orí 1 parí sí ọjọ́ kẹfà. Ọjọ́ keje ti bọ́ sí orí 2, ẹsẹ 1 sí 3, ó wá jókòó sórí ìtàn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 4, ìyẹn ti ọgbà Édẹ́nì. Àwọn Júù tó ń da ìwé mímọ́ kọ ti ní ọ̀nà ìpín tiwọn tipẹ́: àyè òfìfo ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, wọn kì í fi nọ́ńbà sí i. Nínú tiwọn, àyè wà lẹ́yìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ keje sì ní àyè tirẹ̀ kí ìtàn Édẹ́nì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ka tiwọn yóò rí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹni tó ka orí kan lójoojúmọ́ nínú tiwa yóò parí ìṣẹ̀dá ní ọjọ́ kẹfà, kò ní sinmi títí di ọ̀la.

Èyí tó tún burú jù ú lọ, lójú tiwa, wà nínú 1 Kọ́ríńtì. Láti orí 8 ni Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí wọ́n fi rúbọ sí òrìṣà, bóyá Kristẹni lè jẹ ẹ́ tàbí kò lè jẹ ẹ́. Ó fa ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin orí 10, níbi tó ti sọ pé òun kì í wá èrè tòun bí kò ṣe ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ló ní kí wọ́n máa fara wé òun bí òun náà ti ń fara wé Kristi. Ìparí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn gan-an ni Langton fi bẹ̀rẹ̀ orí 11. Láti ẹsẹ 2 lọ, ọ̀rọ̀ ti kan gèlè àti ìborí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni ìkádìí ọ̀rọ̀ ẹran ṣe di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gèlè. Bí a bá ka orí 11 nìkan, a kò ní mọ ohun tó ní kí wọ́n fara wé: pé kí ènìyàn fi ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn.

Orí nìkan kò tó fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá yẹn náà, nígbà tí àwọn Dòmíníkì ní Párísì ń ṣe ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀ Bíbélì, ńṣe ni wọ́n fojú inú pín orí tó gùn sí méje, tí wọ́n fi lẹ́tà A títí dé G sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ìgbà tí a bá ń júwe ilé fún àlejò ni: kò dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dé àdúgbò. Ó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ẹsẹ tí a mọ̀ tó dé.

Òǹtẹ̀wé ló mú un wá. Robert Estienne ń tẹ Bíbélì ní Párísì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ibẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn, ó sì sá lọ sí Jẹnífà. Ibẹ̀ ló ti tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní 1551, èdè Gíríìkì pẹ̀lú ìtumọ̀ Látìn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ rí i pé nọ́ńbà wúlò níbẹ̀: ojú yóò lè fò láti èdè kan sí èkejì láìṣìnà. Ó tún ń gbèrò láti ṣe ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀. Fún Májẹ̀mú Láéláé, àwọn Júù ti sàmì sí òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ pípẹ́, nọ́ńbà ló kù. Ṣùgbọ́n Májẹ̀mú Tuntun kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Estienne fúnra rẹ̀ ló gé e. Ọmọ rẹ̀, Henri, sọ pé ìrìn àjò láti Párísì sí Lyon ni bàbá òun fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Látìn tó sì lò jẹ mọ́ ẹṣin gígùn. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ibi tí ẹṣin bá ti kọsẹ̀ ni kálàmù ti gé ọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé tó ń sùn sí lójú ọ̀nà ló ti ń ṣiṣẹ́ náà. Èyí ó wù kó jẹ́, àwọn ibì kan wà tí ẹ̀sùn kan ẹṣin náà.

Ẹ wo Éfésù 5. Láti ẹsẹ 18, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n kún fún Ẹ̀mí, ó wá to ohun tí yóò tìdí rẹ̀ yọ lẹ́sẹẹsẹ: kí wọ́n máa kọrin, kí wọ́n máa dúpẹ́, kí wọ́n máa tẹrí ba fún ara wọn. Títẹrí ba fún ara ẹni yìí ni ẹsẹ 21. Ẹsẹ 22 wá bá àwọn aya wí pé kí wọ́n tẹrí ba fún ọkọ wọn. Nínú ìwé àfọwọ́kọ méjì tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ọ̀rọ̀ yìí wà, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan ní ẹsẹ 22. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju "ẹ̀yin aya, fún ọkọ yín" lọ. Àwa tí a ń kọ́ gírámà Yorùbá mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lè dá dúró. Ẹsẹ 21 ló ti yá ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, ìyẹn èyí tó kan gbogbo ènìyàn, tọkọ taya. Ẹ̀dà tí Estienne tẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ ní ẹsẹ 22, nítorí náà a kò lè bá a wí púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà ti wọ àárín wọn, tí ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé sì tún fi àkọlé tuntun sáàárín, ó rọrùn fún oníwàásù ìgbéyàwó láti bẹ̀rẹ̀ ní 22 kó má sì rántí 21 rárá.

Ohun tó dá kún un ni bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bíbélì Jẹnífà ti 1560, èyí tó kọ́kọ́ ní ẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tuntun. Ọ̀pọ̀ Bíbélì Yorùbá, láti ìran èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tó pé jáde ní 1884, jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ojú wa wá ń wo ẹsẹ bí ọ̀rọ̀ tó dá dúró, bí òwe. Ọ̀rọ̀ tí a lò gan-an tún ń ràn án lọ́wọ́. Ẹsẹ Ifá ni a ti mọ̀ kí ìwé tó dé, ẹsẹ Ifá sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Babaláwo kì í dákẹ́ láàárín rẹ̀. Ẹsẹ ti Estienne lè jẹ́ ìlàjì gbólóhùn. Nínú Éfésù 1, láti ẹsẹ 3 dé 14, gbólóhùn Gíríìkì kan ṣoṣo ni, ó sì gé e sí méjìlá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti gé e ṣì, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orí tàbí ẹsẹ náà. Bí ó bá jẹ́ "nítorí náà", tàbí "wọn" tí a kò mọ ẹni tó ń tọ́ka sí, tàbí ọ̀rọ̀ tó dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn. Ìdáhùn wà lókè nọ́ńbà náà.

Kò sì sẹ́ni tó lè tún un gé mọ́, nítorí pé gbogbo ìwé atọ́ka, ìwé ìwàásù àti àlàyé Bíbélì ti rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 8 nínú àwọn ìtumọ̀ òde òní. Ẹsẹ 37 wà nínú Gíríìkì tí Estienne tẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó dàgbà jù. Àwọn atúmọ̀ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, ọ̀pọ̀ gbé e sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, wọn kò sì jẹ́ yí nọ́ńbà tó tẹ̀lé e padà. Nínú wọn, ìwẹ̀fà ará Etiópíà béèrè ní ẹsẹ 36 ohun tó dí òun lọ́wọ́ láti ṣe ìrìbọmi, ẹsẹ tó sì tẹ̀lé e ni 38.