Igbo-Ukwu: Kí ni pátákó àlàyé lè sọ nípa ẹni tí wọ́n sin ní ìjókòó?

Lọ́dún 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ ihò tí yóò máa gba omi òjò sí nínú àgbàlá rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ní ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, ló bá kan àwọn ohun èlò idẹ nínú ilẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bíi ogún ọdún, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wá gbẹ́ ibẹ̀. Ó gbẹ́ àgbàlá Richard Anozie náà, níbi tó ti rí sàréè kan.

Bí èèyàn bá fẹ́ kọ pátákó àlàyé fún àwọn tó wá wo sàréè náà, ó gbọ́dọ̀ ya ohun tí wọ́n rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n kàn rò.

Kí ni wọ́n rí?

Wọ́n rí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi pákó tẹ́ ògiri rẹ̀. Adé bàbà, àwo bàbà tí wọ́n ń so mọ́ àyà, àpótí ìjókòó, eyín erin mẹ́ta, agbárí ẹkùn tí wọ́n fi idẹ ṣe àti ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100,000 wà níbẹ̀.

Egungun kò pọ̀ mọ́, nítorí ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ibi tí adé, àwo àyà àti àpótí náà wà ni Shaw fi mọ̀ pé wọ́n gbé òkú náà jókòó ni.

Ìgbà wo ni wọ́n sin ín?

Àyẹ̀wò igi àpótí náà gbé ọdún 850 jáde, pẹ̀lú àlàfo 120 ọdún síwájú àti sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ọdún 850 ló kú" ti ṣì í kọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ìgbà tí igi ń dàgbà ni àyẹ̀wò náà ń sọ. Bó bá jẹ́ inú igi àgbà ni wọ́n ti gbẹ́ àpótí náà, ìsìnkú lè ti wáyé lẹ́yìn ìgbà náà dáadáa.

Ta ni?

Kò sí orúkọ kankan nínú sàréè náà. Ṣùgbọ́n ní Nri, tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n máa ń sin Eze Nri ní ìjókòó nínú yàrá onípákó. Agbára ètùtù àti oyè ni Eze Nri fi ń darí, kì í ṣe ọmọ ogun, nítorí náà "ọba" nìkan lè ṣi àlejò lọ́nà.

Ìjọra náà lágbára, àmọ́ àṣà tí wọ́n mọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kò tó láti fi pe òkú náà lórúkọ.

Ohun tí pátákó náà lè sọ nìyí:

"Níbí ni wọ́n sin èèyàn pàtàkì kan sí ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n sì dé e ládé bàbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Eze Nri tàbí olóyè bíi tirẹ̀. A kò mọ orúkọ rẹ̀."