Òfin Méjìléláàádọ́rin: Ta Ló Kọ́kọ́ Kọ Ọ́ Sílẹ̀?

Ẹnu àwọn òǹkọ̀wé kò kò lórí orísun òfin yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kó ọ̀rọ̀ náà jọ síbí. Òfin ọ̀hún kò le. Ẹ fi iye èlé tí ọgọ́rùn-ún ń mú wá lọ́dún pín 72. Ohun tó bá jáde ni iye ọdún tí owó yóò fi di ìlọ́po méjì, bí èlé bá ń wọnú ojú owó lọ́dọọdún, tí òun náà sì ń bí èlé.

Àwọn kan ní Albert Einstein ló gbé e kalẹ̀. Èyí kò tó jiyàn lé lórí: 1879 ni wọ́n bí i, òfin náà sì ti wà nínú ìwé láti 1494.

Ọdún yẹn ni Luca Pacioli, àlùfáà ọmọ Sansepolcro ní Ítálì, tẹ Summa de Arithmetica jáde ní ìlú Fẹ́nísì. Èlé mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún ló fi ṣàpẹẹrẹ: fi mẹ́fà pín 72, ọdún méjìlá ni. Mo ṣe é wò. Ọgọ́rùn-ún owó di 106 lẹ́yìn ọdún kan, ó di 112.36 lẹ́yìn ọdún kejì. Nígbà tí ọdún kọkànlá pé, ó jẹ́ 189.83, ìkejìlá sì gbé e dé 201.22. Ó fi díẹ̀ kọjá ìlọ́po méjì.

Ṣé Pacioli ló wá ṣẹ̀dá rẹ̀? Ibí yìí ló gba sùúrù. Kò ṣàlàyé bí 72 ṣe jẹ́. Ó kàn ní kí òǹkàwé máa rántí rẹ̀ ni. Lógárídíìmù tí a lè fi ṣàwárí rẹ̀ kò sì tíì sí. 1614 ni John Napier tẹ tirẹ̀ jáde. Ìwé Pacioli sì jẹ́ àkójọ ìmọ̀ ìṣirò tó ti wà nílẹ̀. Lójú tèmi, ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ṣírò èlé lọ́dọọdún ló ti gbà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 72? Bí èlé bá jẹ́ méjì, 70 ló bá a mu. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, 72 ni géérégé. Bó bá di mẹ́rìnlélógún, ó ti lé ní 77. Ṣùgbọ́n 2, 3, 4, 6, 8, 9 àti 12 ló ń pín 72 láìṣẹ́kù, ìyẹn sì dùn mọ́ ẹni tó ń ṣírò lórí.

Lóde òní, àwọn kan ń fi 70 tàbí 69 rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ẹyọ kan kún 72 fún ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta tí èlé bá fi lé ní mẹ́jọ.

Ẹ má ṣe lò ó níbi tí èlé kò bá ti wọnú ojú owó. Níbẹ̀, èlé mẹ́fà yóò gba ọdún mẹ́rìndínlógún àti oṣù mẹ́jọ.