Òfìfo Yàtọ̀ sí Òdo

Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ kan ní Kabba pé ebè iṣu mélòó ló kọ lọ́dún yìí, ó ṣeé ṣe kó fi igba kà á fún yín: igba méjì, igba mẹ́ta. Ẹni tó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ á sọ ọ́ di 400 tàbí 600 kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Èyí kò ṣòro, torí pé àgbẹ̀ náà dáhùn. Ibi tí kò ti sí ìdáhùn ni iṣẹ́ ti le, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ní Yorùbá ti lè tọ́ wa sọ́nà tàbí kó ṣì wá lọ́nà.

Ìlà ni mo pe èyí tó dùbúlẹ̀ nínú tábìlì Excel, òpó ni èyí tó dúró, àpótí sì ni ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Àgbẹ̀ kan ló ni ìlà kan, ìbéèrè kan ló ni òpó kan. Iṣẹ́ tí à ń ṣe sí tábìlì yìí kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní fífọ̀. Ṣíṣà ni èmi fara mọ́, bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà: ojú á kọ́kọ́ wò ó kí ọwọ́ tó yọ ọ́. Ẹni tó bá gbà pé òun ń fọ nǹkan kì í pẹ́ pa gbogbo ìlà tí kò pé rẹ́, kó tó béèrè ohun tó fà á tí kò fi pé.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbẹ̀ márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Ebè wọn wà ní B2 dé B6: 600, 400, àpótí kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, 0, àti 1000. Ẹni tó ní 0 kò kọ ebè iṣu rárá lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ nìkan ló gbìn. Ẹni tí àpótí tirẹ̀ ṣófo, a kò mọ tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, a lè pe méjèèjì ní òfo, ká sì gbọ́ra wa yé. Nínú iṣẹ́ yìí, a kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òdo ni iye tí a mọ̀ pé kò sí. Òfìfo ni àpótí tí a kò mọ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Excel náà mọ ìyàtọ̀ yìí. AVERAGE á fo òfìfo, á pín 2000 sí mẹ́rin, á sì fún wa ní 500. Bí ẹnì kan bá fi 0 dí àpótí yẹn kí tábìlì lè dùn ún wò, ìdáhùn á di 400. Bí ó bá fi 999 dí i, gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́ kan, á di 599.8. Èyí ló burú jù, torí pé ó jọ òótọ́: níbi tí àgbẹ̀ ti ń kọ ẹgbẹ̀rún ebè, ta ni yóò fura sí 999?

Òfìfo tún máa ń di òdo láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Bí ẹ bá kọ `=B4` sínú àpótí mìíràn, tí B4 sì ṣófo, 0 ni Excel yóò gbé síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó ṣófo bó ṣe wà, báyìí ni a ó kọ ọ́:

```
=IF(B4="","",B4)
```

Òfìfo fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n bi obìnrin kan pé ọdún mélòó ni igi kọfí rẹ̀ ti pé, àmọ́ kò ní igi kọfí kankan: kò-kàn-án nìyẹn. Bàbá kan ní igi kọfí, ṣùgbọ́n olóògbé bàbá rẹ̀ ló gbìn ín, kò sì rántí ọdún náà: kò-mọ̀. Wọ́n bi ẹlòmíràn pé ọmọ mélòó ló bí, ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ: kò-sọ. Ẹni tó ń béèrè sì lè fo ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: a-gbàgbé. Mo máa ń ya òpó kan sọ́tọ̀ fún ìdí òfìfo, n ó sì kọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, torí pé ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. A-gbàgbé nìkan ni a lè tún padà lọ béèrè. Kò-kàn-án kò gbọ́dọ̀ wọ ìṣirò ọjọ́ orí kọfí rárá. Kò-sọ ló léwu jù, nítorí ó lè jẹ́ pé ọlọ́mọ púpọ̀ ni kì í fẹ́ kà á. Bí a bá fi ìpíndọ́gba àwọn tó dáhùn dí àpótí irú wọn, a ti dín iye ọmọ ìlú kù.

Fún àwọn òpó tí wọ́n ń pín èèyàn sí ẹgbẹ́, a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Ìsọ̀rí ni àwọn onímọ̀ èdè ti ń lò fún irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú gírámà. Òpó onísọ̀rí ni tiwa, àmì sì ni nọ́ńbà tí a fi dúró fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Okun, òpó ẹ̀yà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: Òwé, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹnì kan á kọ "Owe", ẹlòmíràn á kọ "Kabba", èyí sì lè má túmọ̀ sí ohun kan náà. Ará Kabba jẹ́ Òwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kabba/Bunu ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ Bùnú náà lè kọ "Kabba" láìṣe irọ́. Òpó méjì ló yẹ kí ìbéèrè yìí ní látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà lọ́tọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lọ́tọ̀. Àmì ohùn tún ń fa tirẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà tẹ "ọ̀" lórí ẹ̀rọ ju ẹyọ kan lọ, ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀. LEN lè sọ pé 8 ni gígùn "Ọ̀wọ́rọ̀" kan, kó sọ pé 11 ni ti èkejì. Bí gígùn bá yàtọ̀, ọ̀nà tí a gbà tẹ̀ wọ́n ló yàtọ̀.

Nítorí náà, mo máa ń ṣe ìwé àmì sórí ojú-ewé mìíràn tí mo pè ní Ami. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ kan á wà nínú òpó A, àmì rẹ̀ á wà nínú òpó B: Òwé 1, Ìjùmú 2, Ìyàgbà 3, Bùnú 4, Ọ̀wọ́rọ̀ 5. Lẹ́yìn náà, bí orúkọ ẹ̀yà bá wà nínú òpó D, n ó kọ èyí sínú E2:

```
=VLOOKUP(TRIM(D2),Ami!$A$2:$B$20,2,FALSE)
```

TRIM ń gé àlàfo tó bá rọ̀ mọ́ orúkọ. Níbi tí #N/A bá ti yọ jáde, ìkọ̀wé tí kò sí nínú ìwé àmì ni, tàbí òfìfo. Ẹ má fi IFERROR bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ tó wò ó.

Àmì wọ̀nyí jẹ́ orúkọ lásán. Bùnú kò fi ìlọ́po méjì ju Ìjùmú lọ. Ipele ẹ̀kọ́ ló yàtọ̀, torí pé girama wà lókè alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ìsọ̀rí onípele ni mo pe irú èyí. Fún ẹ̀yà, tí kò ní ipele, a ó ṣe òpó bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, 1 tàbí 0, fún mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá ní 0 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Òwé, òpó karùn-ún kò ní sọ ohun tuntun kankan. Ibí yìí gan-an ni òfìfo tún ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá kọ `=IF(E2=2,1,0)`, tí E2 sì ṣófo nítorí pé a ti pa #N/A tó wà níbẹ̀ rẹ́, Excel á ní 0. Bákan náà ni yóò rí fún 3, 4 àti 5. Ẹni tí a kò mọ ẹ̀yà rẹ̀ á wá di Òwé, iye Òwé á sì lé, kò sì ní sí #N/A kankan tí yóò ta wá lólobó. Báyìí ló yẹ ká kọ ọ́:

```
=IF(E2="","",IF(E2=2,1,0))
```

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi COUNTBLANK ka òfìfo inú òpó E, kí ẹ sì kà á nínú òpó bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹnì kan ti di Òwé láìjẹ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀.